Àmù Tí A Rò Pé Ògbómọ̀ṣọ́ Ló Ti Wá

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá. Mo fẹ́ sọ ọ́ síbí fúnra mi kí àwọn kan tó máa sọ ọ́ bí kò ṣe rí. Ọ̀rọ̀ àmù ni. Bẹ́ẹ̀ ni, àmù omi, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń gbé sí kọ̀rọ̀ ilé kí fíríìjì tó dé.

Tíṣà ni mí ní Minna níbí. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá. Àwọn ọmọ 43 ló wà nínú kíláàsì kan ṣoṣo, ìwé kan péré la sì ní, èyí tó wà lọ́wọ́ èmi tíṣà. Fótókọ́pì ni ìwé náà, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ti dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò ọbẹ̀. Tí a bá dé orí ìtàn iṣẹ́ ọnà, ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n kọ nóòtù sójú pátákó: Nok, Igbo-Ukwu, Ifẹ̀, Bìní. Àwọn ọmọ á dà á kọ, wọ́n á há a sórí, wọ́n á sì yege. Èmi náà á gbà pé mo ti ṣiṣẹ́.

Àfi ọjọ́ tí mo ń máàkì ìdánwò tí mo rí i tí ọmọ kan kọ ọ́ pé Tẹrakọ́tà ni orúkọ ọba tó jẹ ní Nok láyé àtijọ́. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò sì pẹ́ kó tó korò. Amọ̀ tí wọ́n fi iná sun ni tẹrakọ́tà o. Ọmọ yẹn ti kọ ọ̀rọ̀ náà tó ìgbà mẹ́wàá sínú ìwé rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìkòkò amọ̀ wà nílé wọn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé nǹkan kan náà ni méjèèjì.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ilé ìwé tí kò ní ìwé lè fi ìkòkò kan ṣoṣo kọ́ ọmọ ní ìtàn iṣẹ́ ọnà kó sì yé e. Àmọ́ ó ní ohun kan tí àwa òbí àti tíṣà gbọ́dọ̀ gbà: tí a bá bi ìkòkò ní ìbéèrè, ó lè dá wa lóhùn lọ́nà tí a ò retí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Mo ní kí ọmọ tí ìkòkò amọ̀ bá wà nílé wọn gbàṣẹ kó gbé e wá. Mọ́kànlá péré ló dé. Ìṣaasùn wà níbẹ̀, orù wà níbẹ̀, ajere kan tí ìdí rẹ̀ ti là náà wà níbẹ̀. Àmù ńlá kan ló tóbi jù, inú bárò ni ọmọbìnrin kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin fi gbé e wá. Ọmọ náà sọ pé ìyá àgbà àwọn ló gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó ń wá sílé ọkọ ní Minna, kí ogun abẹ́lé 1967 tó bẹ̀rẹ̀. Mọ́tò gbé ìyá dé Ìlọrin, ó wọ reluwé níbẹ̀, ó sì fi aṣọ wé àmù náà sáàárín ẹrù. Gbogbo kíláàsì pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, nítorí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwò. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Kí wọ́n fi ojú wò ó, kí wọ́n fi ìka kàn án nínú àti lóde, kí wọ́n fi okùn wọn gíga rẹ̀ àti àyíká ikùn rẹ̀, kí wọ́n sì yà á. Ohun tí ọwọ́ rí máa ń ju ti ojú lọ. Ara àmù yẹn ń dán lóde, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, wọ́n kan àwọn òkè kéékèèké tó yí po bí ìgbà tí okùn wé mọ́ra. Ibi tí amọ̀kòkò ti fi amọ̀ gígùn lé orí ara wọn nìyẹn. Ó fi nǹkan ha ìta rẹ̀ kó lè dọ́gba. Ẹni tó máa pọn omi kò ní wo inú, ìdí nìyẹn tí kò fi yọ ara rẹ̀ lẹ́nu níbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wá nàka sí ojú dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù náà. Ó ní wọ́n ti fi dáná rí nìyí. Èrò tó dáa ni, ṣùgbọ́n èrò kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ní kó fi àkísà tútù nù ún. Tó bá jẹ́ èédú iná ìdáná, á kó bá àkísà. Ó nù ún títí, kò ṣí. Ìyẹn ni pé ìgbà tí wọ́n ń sun àmù náà ni dúdú yẹn wọ inú amọ̀. Ìta gbangba ni àwọn ìyá amọ̀kòkò ti ń sun ìkòkò, wọ́n á kó koríko gbígbẹ àti igi bò ó. Ibi tí igi bá fara tì, tí atẹ́gùn ò dé, á dúdú. A tún nu ìdí ìṣaasùn kan, àkísà dúdú kirikiri. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ 43 mọ bí a ṣe ń dá ìkòkò ọbẹ̀ mọ̀ yàtọ̀ sí ìkòkò omi láìka ìwé kankan.

Lẹ́yìn náà la wo àrà ara rẹ̀. Àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí ọrùn àmù náà ká, òmíràn sì wà nínàró láti ọrùn sí ikùn bí ìgbà tí a pín ògiri sí ojúlé-ojúlé. Àwọn ọmọ ní ọ̀bẹ ni wọ́n fi ya gbogbo rẹ̀. Mo pín amọ̀ tútù fún wọn, mo kó nǹkan mẹ́ta sílẹ̀: okùn tí a lọ́, igi kékeré tí a fi ọ̀bẹ gé lẹ́gbẹ̀ẹ́-lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ṣùkù àgbàdo. Mo ní kí wọ́n yí i lórí amọ̀ bí ẹni ń yí ìgò. Okùn fi ìlà dídagun sílẹ̀, igi fi ihò tó tò tẹ̀lé ara wọn sílẹ̀, ṣùkù àgbàdo fi ojú kéékèèké bí ti afárá oyin sílẹ̀. Ìlà ara àmù bá ti okùn mu, àwọn tó wà nínàró bá ti igi mu.

Níbí ni mo ti fi ọjọ́ orí kọ́ wọn. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá, kò sì kúrò níbẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó tó débẹ̀ ní 1492. Nítorí náà, tí ẹ bá rí àpáàdì tí ojú ṣùkù àgbàdo wà lára rẹ̀, kò lè dàgbà ju ìgbà tí àgbàdo dé ilẹ̀ wa lọ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti lo ẹ̀rí yìí ní Ifẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò sọ bí ìkòkò ṣe dàgbà tó, ohun tó sọ ni pé kò lè dàgbà ju báyìí lọ. Ọmọ tí nǹkan yìí bá yé ti mọ ohun tí nóòtù ojú pátákó mi kò kọ́ ọ lọ́dún kan.

Ó wá ku ẹni tó máa sọ̀rọ̀. Mo mọ ìyá Gbagyi kan, àwọn tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní Gwari, tó ń mọ ìkòkò ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú. Mo mú ọmọ mẹ́fà lọ, pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ òbí wọn, a sì gbé àmù náà dání. Ọmọ Gbagyi kan nínú kíláàsì ló ń ṣe ògbifọ̀. Nǹkan kọ́kọ́ dojú rú. Ìyá á sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ọmọ á ní, "Ó ní bẹ́ẹ̀ ni." Mo wá fi fóònù gba ohùn ìyá sílẹ̀. Nígbà tí a padà dé, ìyá ọmọ náà tún un gbọ́, ó sì túmọ̀ rẹ̀ ní kíkún. Ìdajì ohun tí ìyá amọ̀kòkò sọ ni a ò bá pàdánù.

Ìyá yìí kò bèèrè ìtàn àmù náà lọ́wọ́ wa. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ nínú, ó fi ìka yí ètè rẹ̀ ká, ó wo àwọn ìlà tó wà nínàró, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni àmù náà ti jáde, pé bí ìyá òun ṣe ń parí ètè ìkòkò nìyẹn.

Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọbìnrin tó ni àmù ń wò mí lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ọkàn mi kọ́kọ́ sọ pé ìyá yìí fẹ́ fi iṣẹ́ wa ṣe tiwọn ni. Ṣùgbọ́n ojú kan náà tí a fi wo ọ̀rọ̀ ìyá àgbà ló yẹ ká fi wo tirẹ̀. Àgbà tó ń sọ̀rọ̀ lè gbàgbé, ó sì lè fẹ́ kí nǹkan jẹ́ tiwọn. Mo bi í bóyá ìkòkò ìyá rẹ̀ kankan ṣẹ́ kù. Mẹ́ta wà ní yàrá. Àwọn ọmọ yà wọ́n, wọ́n fi okùn wọn ètè wọn. Ètè méjì nínú wọn tẹ̀ síta bíi ti àmù wa, ojúlé-ojúlé ìlà náà sì bára mu. Ìkẹta yàtọ̀.

Nígbà tí a dé Minna, ọmọ náà pe àbúrò ìyá àgbà rẹ̀ tó wà ní Kàdúná lórí fóònù. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bèèrè pé, "Ṣé lóòótọ́ ni àmù Ògbómọ̀ṣọ́ fọ́?" Tí ẹ bá fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, àgbà tó fẹ́ràn yín á dá a padà fún yín. Ohun tó bèèrè ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sọ fún wa nípa àmù tó wà nílé yín nígbà yẹn." Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní èwo nínú wọn? Pé àwọn ọmọ ti fi bọ́ọ̀lù fọ́ èyí tó ti ilé wá, pé ọwọ́ àwọn obìnrin Gwari tó ń gbé ìkòkò lé èjìká kiri ni ẹ̀gbọ́n òun ti ra òmíràn. A bi í ní ọdún, kò mọ̀ ọ́n. A wá bi í bóyá ó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó yí mọ́tò sí ọwọ́ ọ̀tún àbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní lẹ́yìn rẹ̀ ni, pé owó náírà tuntun ni wọ́n fi ra èyí kejì. Oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà yí ọ̀nà mọ́tò sí ọ̀tún, oṣù kìíní 1973 sì ni náírà rọ́pò pọ́n-ùn. Báyìí ni àgbà tí kò mọ ọdún ṣe fún wa ní ọdún: àmù náà wọlé wọn ní 1973 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀.

Mi ò ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ pé ó dájú. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀rí mẹ́ta ni a ní: ohun tí ìyá àgbà sọ, ohun tí àbúrò rẹ̀ sọ, àti ohun tí ara ìkòkò fi hàn. Méjì nínú rẹ̀ dojú kọ ibì kan náà láìjẹ́ pé wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn. Ó jọ pé àmù Gbagyi ni.

Nígbà tí wọ́n sọ fún ìyá àgbà, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní, "Ó ṣeé ṣe. Omi rẹ̀ ṣáà tutù." Òun kò bínú. Ọmọ rẹ̀ ló bínú, ìyá ọmọ tó wà ní kíláàsì mi. Ó kọ ọ́ sí ojú òpó àwọn òbí pé mo ń kọ́ ọmọ òun láti pe ìyá àgbà rẹ̀ ní òpùrọ́, pé òun ò san owó ilé ìwé kí ọmọ máa fi amọ̀ ṣeré, pé mo ti gba àmù ìran àwọn fún Gwari. Ọ̀gá ilé ìwé pè mí, ó ní kí n padà sí nóòtù.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé yìí nìyẹn. Mo bọ̀wọ̀ fún ìyá yẹn, mo sì mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Àwa tí a bí sí àjò, ohun tí a fi ń di ilé mú kò pọ̀. Tí wọ́n bá ní èyí tí a gbé sáyà kì í ṣe tiwa, ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ìtàn tí a rí ju èyí tí a pàdánù lọ. A ti mọ̀ báyìí pé obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan na ọwọ́ sí aládùúgbò rẹ̀ tí wọn kò gbọ́ èdè ara wọn, ó yan àmù tó wù ú, ó sì mu omi inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìtàn iṣẹ́ ọnà nìyẹn pẹ̀lú: ta ló ṣe é, ta ló rà á, kí ni wọ́n fi ṣe, báwo ló ṣe dé ibi tó wà.

Àmù yìí kan náà ló sì gbé wa dé inú ìwé. Mo ní kí àwọn ọmọ wo ẹ̀yìn owó ogún náírà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbagyi láti Kwali, tó kọ́ iṣẹ́ ìkòkò lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Irú àmù tó wà níwájú wa yìí ló ń mọ, ó máa ń yí ìkòkò ká ni dípò kí ìkòkò máa yí, a sì máa ya alángbá, ejò, ọ̀nì àti ẹja sí i lára. Ààfin Ẹ́míà ìlú Abuja àtijọ́, tí à ń pè ní Suleja báyìí, ni òyìnbó amọ̀kòkò Michael Cardew ti rí iṣẹ́ rẹ̀. Ní 1954, ó wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ibẹ̀.

Mo wá ní kí wọ́n bu omi sínú àmù wa àti sínú kọ́ọ̀bù tíì mi tó ń dán. Lọ́jọ́ kejì, ara àmù ti ń làágùn, ti kọ́ọ̀bù gbẹ. Iná koríko kò gbóná tó láti dí ihò inú amọ̀, nítorí náà omi díẹ̀díẹ̀ ń yọ síta, atẹ́gùn ń gbé e lọ, èyí tó kù nínú sì ń tutù. Ààrò Abuja gbóná ju ìwọ̀n 1,200 lọ, wọ́n sì fi ohun tó ń yọ́ bíi díńgí bo ìkòkò lára. Ìkòkò tó jáde níbẹ̀ kò lè làágùn mọ́. Ìrísí àmù ló ní, àrà àmù ló ní, ṣùgbọ́n kò lè mú omi tutù. Ó ti di ohun tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì kí àlejò lè wò ó ní ìlú òyìnbó. Ọmọbìnrin kan bèèrè pé, "Tíṣà, ṣé ó wá di ìkòkò tó dáa jù ni àbí èyí tó bàjẹ́?" Mi ò dá a lóhùn. Mo ní kí kíláàsì pín sí méjì kí wọ́n jiyàn. Àwọn ọmọ tó ń kọ pé Tẹrakọ́tà jẹ ọba lọ́jọ́ sí nìyí o.

Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè ṣe náà wà. Àmù kan kò lè sọ fún ọmọ pé iṣẹ́ Nok ti pé ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, bẹ́ẹ̀ ìdánwò á bèèrè rẹ̀. Nóòtù ṣì gbọ́dọ̀ wà. Àdéhùn tí èmi àti ọ̀gá ṣe ni pé ọ̀sẹ̀ kan nóòtù, ọ̀sẹ̀ kejì ohun tí a lè fọwọ́ kàn. Mo sì ti fi òfin kan lé e: ohun ojúbọ kò gbọ́dọ̀ wá sí kíláàsì, a kì í wa ilẹ̀, a kì í ra ohun àtijọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. A yà á, a wọ̀n ọ́n, a dá a padà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Ìyá amọ̀kòkò yẹn sọ fún wa pé nínú àwọn ọmọ òun, kò sí èyí tó kọ́ iṣẹ́ náà. Àwọn ìyá tiwa náà ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwa sì ń ju ìkòkò wọn sí ààtàn nítorí ike ti dé. Kí ẹ tó ju tiyín, ẹ bi àgbà ilé pé ta ló rà á, lọ́wọ́ ta ni, àti pé kí ló ṣẹlẹ̀ nígboro lọ́dún náà. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kékeré kan, ẹ fi sínú ìkòkò náà. Tí ìdáhùn méjì bá tako ara wọn, ẹ kọ méjèèjì.

Ìyá ọmọ yẹn kò tíì dá mi lóhùn bí mo bá kí i. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àmù ti padà sí kọ̀rọ̀ ilé wọn, àti pé omi wà nínú rẹ̀.